Fótò epìyà tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti Ẹ̀pẹ́: ṣé kí n sanwó?

Alásè Ìbàdàn

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Ẹni tó ń ta ẹja fún mi ní ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi fótò bàsíà epìyà kan ránṣẹ́ sí mi lórí Wásáàpù. Kílò 20 ni mo fẹ́, ìnáwó ọ̀la ni mo fẹ́ fi sè. Ojú àwọn kan funfun díẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó ṣí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ hàn mí pupa dáadáa, ara gbogbo wọn sì ń dán. Ó ní kí n sanwó kí ọkọ̀ tó gbéra. Ṣé ẹja tuntun ni?

---

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó

Ẹ má sanwó o, mà. Ojú ẹja kì í parọ́. Tí ojú bá ti funfun, ẹja yẹn ti kú tipẹ́, ó ti sùn mọ́jú. Ìyá tó tọ́ mi dàgbà kì í wo ibòmíràn lára ẹja. Ojú ló ń wò, tí kò bá ti mọ́ gaara, á fi í sílẹ̀, á kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

---

Ẹlẹ́ja Ẹ̀pẹ́

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, òótọ́ ni pé ojú ń sọ̀rọ̀, àmọ́ àwọ̀ rẹ̀ nìkan lo gbọ́. Nǹkan méjì là ń wò lójú ẹja: bó ṣe mọ́ sí, àti bó ṣe yọ síta sí. Ẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, ẹyinjú rẹ̀ yọ róbótó, dúdú inú rẹ̀ dúdú kirikiri, awọ tó bò ó mọ́. Bí wákàtí ṣe ń lọ, á bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, á tẹ́ pẹrẹsẹ, tó bá yá á jìn wọnú, dúdú inú rẹ̀ á wá di eérú.

Ohun tó ń da àwọn oníbàárà láàmú ni yìnyín. Epìyà tí a pa láàárọ̀ yìí, tí a sin sínú yìnyín tó ń yọ́, ojú rẹ̀ lè ṣú kí ọ̀sán tó pọ́n. Yìnyín tó kan ẹyinjú gan-an ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀, kì í ṣe pé ẹja ti bàjẹ́. Tí èèyàn bá kọ ẹja nítorí ìyẹn, ẹni tó tọ́jú ẹja dáadáa ló fìyà jẹ. Ẹni tí kò fi yìnyín sí i rárá, tó gbé e sílẹ̀ sínú ooru, ojú ẹja tirẹ̀ lè mọ́ ju tèmi lọ fún wákàtí mélòó kan, bẹ́ẹ̀ inú ẹja yẹn ti ń bàjẹ́ lọ.

Nítorí náà, Alásè, ẹ padà wo fótò yẹn. Àwọn tójú wọn funfun, ṣé ẹyinjú wọn yọ ni àbí ó ti wọlé?

---

Alásè Ìbàdàn

Mo wò ó, mi ò lè sọ. Láti òkè ló ya á. Gbogbo wọn jọ ara wọn.

---

Oníkámẹ́rà

Fótò niṣẹ́ tèmi, mi ò mọ ẹja tó Ìyá Ẹlẹ́ja, ṣùgbọ́n mo rí nǹkan mẹ́ta nínú fótò yìí tó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó gba ohun tó ń sọ gbọ́.

Ẹ wo etí bàsíà funfun yẹn. Ó rí bíi pé wọ́n fi osùn pa á. Yìnyín tó wà láàárín ẹja náà pọ́n. Yìnyín kì í pọ́n, àfi tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kì í sì í ṣe etí bàsíà lóṣó. Abẹ́ àgboòrùn pupa ni wọ́n ti ya á. Oòrùn tó gba inú aṣọ pupa kọjá ń pa gbogbo nǹkan láró, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ti ń di rúsúrúsú á wá dà bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú omi. Nítorí náà, pupa tí ẹ rí yẹn, ẹ má tíì kà á sí.

Dídán náà, omi ni. Kò sí ẹja tí ẹ da omi lé tí kì í dán, tuntun tàbí ògbólógbòó. Ìkẹta, Wásáàpù máa ń fún fótò pọ̀ kó má bàa wúwo, ohun tó sì kọ́kọ́ ń sọnù ni irú nǹkan tín-tìn-tín tí à ń wá lójú ẹja. Kó tẹ HD kó tó fi ránṣẹ́, tàbí kó fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi Document.

Kó ya ojú láti ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe láti òkè. Láti ẹ̀gbẹ́ lẹ ti máa mọ̀ bóyá ó yọ. Ẹ tún wo ìmọ́lẹ̀ tó ń tàn lórí ẹyinjú: lórí ojú tó yọ tó sì mọ́, ẹyọ kan ṣoṣo ni, ó kéré, ó mú. Lórí ojú tó ti tẹ́ tó ti ṣú, á fọ́n ká.

---

Olómi Ìkòròdú

Ẹ kú ìjókòó o. Ọ̀rọ̀ ojú funfun yìí ń dùn mí gan-an. Àrọ̀ tèmi ní ìdí ilé, ojú méjì nínú wọn ti funfun, wọ́n ṣì ń lúwẹ̀ẹ́, wọ́n ṣì ń jẹun díẹ̀díẹ̀. Ṣé kí n tètè tà wọ́n kí wọ́n tó bàjẹ́?

---

Ẹlẹ́ja Ẹ̀pẹ́

Olómi, ẹja tó wà láàyè ni tìrẹ, ọ̀tọ̀ ni tiwa. Ojú tó funfun lára ẹja tó ṣì ń wẹ̀, àìsàn, ọgbẹ́ tàbí omi tó dọ̀tí ló sábà máa ń fà á. Pààrọ̀ omi, kó o sì pe dókítà ẹran-ọ̀sìn kó wò wọ́n kó o tó tà wọ́n fún ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n nígbà tó o ti dárúkọ àrọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́: ohun tí à ń sọ nípa epìyà yìí kò bá àrọ̀ mu tán. Àrọ̀ kò ní ìpẹ́, ojú rẹ̀ kéré bíńtín, kò sí ohun tí fótò ojú àrọ̀ máa sọ fún yín. Ààyè là ń ra àrọ̀. Èyí tó ti kú nínú fótò, èmi ò ní sanwó rẹ̀.

---

Ará Pẹ́kàmù

Mo ń ṣiṣẹ́ ní ìsọ̀ ẹja ní Lọ́ńdọ̀nù. Mo fara mọ́ Ìyá Ẹlẹ́ja lórí yìnyín, mo sì fẹ́ fi kún un. Púpọ̀ nínú ẹja ilẹ̀ wa tí ẹ ń rí lórí àtẹ ní Pẹ́kàmù, inú fírísà ni wọ́n ti wá, wọ́n kàn jẹ́ kó yọ́ ni. Ojú ẹja tó ti dì rí tó sì yọ́ máa ń funfun, kò sí bó ṣe lè mọ́ mọ́. Tí ẹ bá fi ojú nìkan ṣèdájọ́ níbí, ẹ ò ní ra ẹja kankan.

Òfin kan wà tí ìjọba Yúróòpù ṣe lọ́dún 1996, wọ́n fi pín ẹja sí ìpele: Extra, A àti B, èyí tó bá kọjá B kò gbọ́dọ̀ dé ọjà. Ojú tó yọ tó mọ́ ni Extra. Ojú tó tẹ́ pẹrẹsẹ tó ti ṣú ni B. Èyí tó ti jìn ní àárín, tí dúdú rẹ̀ ti di eérú, ẹ dà á nù. Wọ́n tún wo abẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, awọ, ẹran àti òórùn. Wọn ò fi ẹyọ nǹkan kan ṣoṣo dájọ́ rí.

---

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó

Ẹja òtútù ni àwọn òyìnbó fi ṣòfin yẹn, kì í ṣe epìyà inú ọ̀sà. Ooru ibí yìí kò ní sùúrù.

---

Ará Pẹ́kàmù

Òótọ́ lo sọ. Ìpele yẹn, inú òkun tútù ni wọ́n ti mú ẹja tí wọ́n fi díwọ̀n rẹ̀. Bí àmì ṣe ń tẹ̀ léra bára mu, ṣùgbọ́n iye wákàtí láàárín àmì kan àti èkejì kò lè bára mu.

---

Ẹlẹ́ja Ẹ̀pẹ́

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ẹ̀rẹ̀kẹ́, torí òun ni wọ́n fi ń mú àwọn oníbàárà jù. Àwọn ẹran pupa tó tò bí eyín òòyà lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, tí ẹja fi ń mí, ẹ̀jẹ̀ ló kún inú wọn. Nígbà tí ẹja bá ti kú, ẹ̀jẹ̀ yẹn á máa di rúsúrúsú. Láti pupa tó ń tàn, á di pupa tó ṣú, á di àwọ̀ ilẹ̀, á wá ṣì, á di eérú. Omi yíyọ̀ tó wà níbẹ̀ náà ń yí padà: ó kọ́kọ́ mọ́, ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí i, lẹ́yìn náà á ki, á funfun bíi wàrà. Èmi máa ń gba omi yíyọ̀ yẹn gbọ́ ju àwọ̀ lọ, torí àgboòrùn kò lè sọ ohun tó ki di ohun tó mọ́.

Àwọ̀ náà ní àléébù tirẹ̀. Ẹja tí wọ́n ti dá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jáde nígbà tí wọ́n pa á, abẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ á ṣì, bẹ́ẹ̀ tuntun ni. Èyí tó pẹ́ nínú omi yìnyín náà á ṣì, torí omi ti fọ ẹ̀jẹ̀ lọ.

Ohun tó wá ṣe pàtàkì jù nínú fótò Alásè ni pé ẹja kan ṣoṣo ló ṣí. Ta ló yàn án? Ẹni tó fẹ́ gbowó ló yàn án, orí bàsíà ló sì ti mú un. Ìsàlẹ̀ bàsíà ni kẹ́ ẹ ní kó ti mú.

---

Ìyàwó Àgbẹ̀

Kí lẹ wá sọ nípa ìpẹ́? Nínú fótò yẹn mo rí ẹja méjì tí ìpẹ́ wọn ti re. Lọ́dọ̀ tiwa, ìpẹ́ tó re, ẹja tó jẹrà ni.

---

Ẹlẹ́ja Ẹ̀pẹ́

Ìyàwó Àgbẹ̀, ẹ wo bó ṣe re. Àwọ̀n máa ń ha epìyà láàárín orí àti lẹ́bẹ́ ẹ̀yìn, ibi tó ti há nígbà tó ń jà. Tí ìpẹ́ bá re ní ojú kan báyìí, tó tò bí ìlà, tí ìyókù ara sì lẹ̀ mọ́ dáadáa, àwọ̀n ni. Tí ìpẹ́ bá gbéra káàkiri, tí ẹ fi ọwọ́ rà á tó ń tẹ̀ lé ọwọ́, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Méjì tí ẹ rí yẹn, ojú kan náà ló ti re lára méjèèjì. Kò já mi láyà.

---

Oníkámẹ́rà

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí Alásè lè ní kí wọ́n ṣe báyìí, kí ọkọ̀ tó lọ. Kí wọ́n gbé ẹja kúrò lábẹ́ àgboòrùn, sí òjìji ilé, kì í ṣe inú oòrùn gangan. Kí wọ́n mú ìwé funfun kan, kí wọ́n kọ orúkọ Alásè àti ọjọ́ òní sí i, kí wọ́n tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹja. Ìwé yẹn ń ṣe iṣẹ́ méjì. Tó bá funfun nínú fótò, àwọ̀ tí ẹ rí lára ẹja ṣeé gbà gbọ́. Orúkọ tó wà lórí rẹ̀ sì fi hàn pé kì í ṣe fótò ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n fi ránṣẹ́. Kí wọ́n má tan fílásì, torí ó ń mú kí ohun gbogbo dán.

---

Ẹlẹ́ja Ẹ̀pẹ́

Mo gbà. Kí wọ́n mú mẹ́ta láti ìsàlẹ̀. Kí wọ́n ṣí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ tí ẹja dùbúlẹ̀ lé, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sókè. Lẹ́yìn náà kí wọ́n ṣe fídíò kékeré: kí wọ́n di orí ẹja mú, kí wọ́n nà án síwájú, ká wo ìrù. Kí wọ́n fi ìka tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tí ẹran ti nípọn, ká wo bóyá ojú ìka á padà.

Ẹja tó kú máa ń gan lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. Tó bá wà nínú ooru, kíá ló máa dẹ̀. Tó bá wà nínú yìnyín, á gan pẹ́, ó lè ju ọjọ́ kan lọ. Ẹja tó ṣì gan, tí ìrù rẹ̀ nà tọ́ọ́rọ́, kò tíì pẹ́ tó kú, tàbí kó jẹ́ pé wọ́n tètè fi yìnyín sí i. Èyí tó ń wọ́ nílẹ̀ ló ń fẹ́ ìwádìí. Ó lè jẹ́ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni, kò tíì gan, tàbí pé ó ti kọjá gígan. Ìka ló máa yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹran èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú á ta padà. Ti èkejì, ihò ìka á dúró síbẹ̀.

---

Alásè Ìbàdàn

Ó ti fi wọ́n ránṣẹ́! Ó kọ́kọ́ bínú, mo ní kì í ṣe ìjà. Ìwé funfun náà funfun lóòótọ́, orúkọ mi wà lórí rẹ̀. Ẹ bá mi wo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

---

Ẹlẹ́ja Ẹ̀pẹ́

Ẹ ṣeun. Ó ṣe é dáadáa.

Ti àkọ́kọ́: ojú rẹ̀ ṣú díẹ̀, ṣùgbọ́n ó yọ róbótó láti ẹ̀gbẹ́. Abẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ pupa tó ṣú, omi ibẹ̀ mọ́. Wọ́n di orí mú, ìrù rẹ̀ kò tẹ̀. Ojú ìka padà kí ó tó gbọ́wọ́ kúrò tán. Yìnyín ló kan ojú ẹja yìí. Mo máa rà á fún ilé mi.

Ti ìkejì: àwọ̀ ojú rẹ̀ jọ ti àkọ́kọ́ gan-an, òun ni Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ń sọ. Àmọ́ ó ti tẹ́. Abẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rúsúrúsú, ẹ wo omi funfun tó lẹ̀ mọ́ ara wọn níbẹ̀. Ìrù rẹ̀ wọ́ sílẹ̀ pátápátá, ihò ìka sì wà níbẹ̀ títí fídíò fi parí. Ikùn rẹ̀ náà ti rọ̀, ó ń di àwọ̀ ewé. Ìfun ló ń jẹ ara rẹ̀ nínú.

Ìkẹta wà láàárín. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ pupa tó ṣì, ìrù tẹ̀ díẹ̀, ìka padà ṣùgbọ́n ó lọ́ra.

Ohun tí mo rí nìyí: kì í ṣe ẹja kan náà ló wà nínú bàsíà yẹn. Àwọn apẹja wa ń dẹ àwọ̀n nírọ̀lẹ́, wọ́n ń kó o ní ìdájí. Ẹja tó kó sí àwọ̀n ní alẹ́, tó kú síbẹ̀, á wà nínú omi ọ̀sà tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ di ìdájí. Èyí tó kó sí i nígbà tí ilẹ̀ fẹ́ mọ́, ààyè ni wọ́n máa bá a. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n kó méjèèjì jáde, inú bàsíà kan náà ni wọ́n dà wọ́n sí, yìnyín kan náà ni wọ́n bù lé wọn. Ẹni tó ń tà á fún yín lè má parọ́ nígbà tó ní òwúrọ̀ yìí ni wọ́n gbé e dé.

---

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó

Ìyá, mo gbọ́, mo sì gbà ti ojú tó yọ àti ojú tó tẹ́. Àmọ́ èmi á ṣì kọ gbogbo bàsíà náà. Tí ìkan bá ti bàjẹ́, omi rẹ̀ ti kan ìyókù.

---

Ẹlẹ́ja Ẹ̀pẹ́

Òótọ́ ni pé omi rẹ̀ ń kàn wọ́n. Fífọ̀ àti yìnyín tuntun lè gba èyí tó ṣì dáa là. Mi ò ní bá ọ jà lórí ẹ̀, mo mọ àwọn oníbàárà tó ń ṣe bíi tìrẹ, ara wọn dá. Ṣùgbọ́n ẹni tó nílò kílò 20 lọ́la kò lè kọ gbogbo rẹ̀. Alásè, ẹ ní kó ṣà wọ́n. Kó di orí kọ̀ọ̀kan mú, èyí tí ìrù rẹ̀ bá nà, kó wá sí ọ̀dọ̀ yín. Èyí tó bá wọ́, tí ihò ìka bá dúró, kó máa tà á níbẹ̀.

---

Ará Pẹ́kàmù

Kí ẹnikẹ́ni má mú ọgbọ́n yìí lọ sọ́dọ̀ títù o. Epìyà tó ti ń bàjẹ́ á rùn, á dẹ̀, ẹ ó mọ̀. Títù àti irú rẹ̀, tó bá jókòó sínú ooru, ohun kan máa ń dàgbà nínú ẹran rẹ̀ tó ń mú orí fọ́ni, tó ń mú ojú pọ́n, tó ń mú ara yún ẹni láàárín wákàtí kan lẹ́yìn oúnjẹ. Iná kì í pa á. Ojú ẹja náà lè dáa, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lè pupa. Fótò kò lè fi ìyẹn hàn láé. Ibi tí wọ́n tọ́jú títù sí ni kí ẹ béèrè, àti bóyá ó ti yọ́ rí kí wọ́n tó tún un dì.

---

Alásè Ìbàdàn

Ó ti ṣà wọ́n. Kílò 13 ló ní ó nà tọ́ọ́rọ́. Màá wá ìyókù ní Ìbàdàn níbí. Ìbéèrè kan ló kù: ṣé kó yọ ìfun wọn kí ọkọ̀ tó gbéra? Ó máa gba Ìjẹ̀bú-Òde, ojú ọ̀nà náà kò sì dára.

---

Ẹlẹ́ja Ẹ̀pẹ́

Bẹ́ẹ̀ ni, kó yọ ọ́. Ìfun ló kọ́kọ́ ń ba epìyà jẹ́. Kó fọ inú rẹ̀ mọ́, kó bu yìnyín sínú ikùn, kílò yìnyín kan fún kílò ẹja kan, kó tẹ́ wọn ní ìpele ìpele nínú kúlà.

---

Ìyàwó Àgbẹ̀

Èmi ò fara mọ́ ọn. Tí wọ́n bá ti la ikùn rẹ̀, báwo ni Alásè ṣe máa mọ̀ pé èyí tó rà ló dé? Ẹja tí wọ́n ti tún ṣe, kò ní ìdánimọ̀ mọ́.

---

Oníkámẹ́rà

Kí wọ́n fi orí sílẹ̀, kí wọ́n má sì fọwọ́ kan abẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ojú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ á wà níbẹ̀, Alásè á fi wé fótò òní.

---

Ẹlẹ́ja Ẹ̀pẹ́

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà ń tètè bàjẹ́, èmi máa ń yọ ọ́ pẹ̀lú ìfun. Ṣùgbọ́n fún ìrìn Ẹ̀pẹ́ sí Ìbàdàn, tí yìnyín bá tó, ó lè dúró. Tó bá ti délé kẹ́ ẹ yọ ọ́ kíá. Kẹ́ ẹ tún la ọ̀kan, kẹ́ ẹ wo egungun ìhà rẹ̀: tó bá lẹ̀ mọ́ ẹran, ó dáa, tó bá ń bọ́ fúnra rẹ̀, ẹ pè mí.

---

Alásè Ìbàdàn

Mo ti ní kó yọ ìfun, kó fi orí àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ sílẹ̀. Mo ti sanwó kílò 13. Kúlà ti wà nínú ọkọ̀.